Pípààlà sí Ìwápààrọ̀: Àyẹ̀wò Àkíyèsí Kan lórí Kóòdù Orúkọ Ibùdókọ̀ ní Agbègbè Ìyànà Ìpájà

1. Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ni àṣẹ tí a máa ń pa fún kọ̀ǹpútà pé kí ó wá lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀ kan rí níbi gbogbo tí ó bá wà, kí ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó ti fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé rí ni ó ti lo irú àṣẹ yìí. Àwọn kan ń pè é ní "ìwákiri àti ìfirọ́pò". Orúkọ yẹn kò burú, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí ó ju gígùn lọ: ó ń jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ méjì ni, pé a kọ́kọ́ wá nǹkan rí, lẹ́yìn náà a wá pààrọ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn tí ń ṣe àtúnṣe ìwé ti ń ṣe nìyẹn. Yóò rí ọ̀rọ̀ náà, yóò ka gbólóhùn tí ó wà nínú rẹ̀, yóò rò ó wò, kí ó tó mú gègé. Nínú iṣẹ́ ti kọ̀ǹpútà, kò sí ìrònú láàárín rírí àti pípààrọ̀. Bí ó ti ń rí i ni ó ń pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe dábàá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ìwápààrọ̀", láti inú "wá" àti "pààrọ̀", kí orúkọ náà lè fi hàn pé ìṣe kan náà ni.

Ọ̀rọ̀-ìperí kejì tí a ó lò ni "àyẹ̀wò kóòdù". Láàárín àwọn tí ń kọ kóòdù pọ̀, ẹni tí ó bá ṣe àyípadà kì í dédé fi í sínú ẹ̀dà tí gbogbo wọn ń lò. Ó ní láti fi han ẹlòmíràn, ẹni yìí a sì kà á ní ìlà-ìlà, a kọ ohun tí ó bá rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe àyípadà ni "òǹkọ̀wé" kóòdù, ẹni tí ó kà á ni "alágbèéyẹ̀wò", ohun tí ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà ni "àkíyèsí". Irú àkíyèsí kan ṣoṣo ni ó jẹ wá lógún níhìn-ín: èyí tí alágbèéyẹ̀wò fi ń bẹ òǹkọ̀wé pé kí ó pààlà sí ìwápààrọ̀ tí ó ti gbòòrò jù. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bamgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, kò ní irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí nínú, kò sì yẹ kí a retí pé kí ó ní in, nítorí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé.

2. Orúkọ àwọn ibùdókọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń gbé ní Ìyànà Ìpájà ni ó ṣe àkọsílẹ̀ tí a ó lò. Ó kó orúkọ àwọn ibùdókọ̀ àti àdúgbò jọ láti Òṣòdì títí wọ inú Alímọ̀ṣọ́, ó sì fi wọ́n sínú fáìlì kan tí ó ní òpó mẹ́ta. Òpó kìíní ni orúkọ ìdánimọ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà nìkan ń lò, tí a kò fi hàn ẹnikẹ́ni. Òpó kejì ni orúkọ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sí ojú pátákó ní títì. Òpó kẹta ni orúkọ náà ní àkọtọ́ Yorùbá, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣì ń tún ṣe. Díẹ̀ lára rẹ̀ nìyí:

```
id,patako,yoruba
oshodi,Oshodi,Oshodi
shogunle,Shogunle,Shogunle
mangoro,Mangoro,Máńgòrò
iyana-ipaja,Iyana Ipaja,Ìyànà Ìpájà
shasha,Shasha,Shasha
isheri-osun,Isheri Osun,Isheri Osun
shagari,Shagari Estate,Ẹ́sítéètì Shagari
```

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ni ó ni fáìlì owó ọkọ̀. Nínú fáìlì tirẹ̀, orúkọ ìdánimọ̀ méjì-méjì ni ó wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ibi tí èrò ti wọkọ̀ àti ibi tí yóò ti sọ̀, pẹ̀lú iye owó. Ohun tí ó so fáìlì méjèèjì pọ̀ kò ju pé `oshodi` tí ó wà níbí àti `oshodi` tí ó wà lọ́hùn-ún jẹ́ lẹ́tà mẹ́fà kan náà.

Ní ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe àkíyèsí pé òpó kẹta kún fún "sh", ìyẹn ni sípẹ́lì àtijọ́ tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀ sára orúkọ ìlú wa. Ó fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di "ṣ". Ó kọ àṣẹ yìí, ó sì fi àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún àyẹ̀wò, pẹ̀lú gbólóhùn kan péré: "Mo tún orúkọ òpó kẹta ṣe."

```
sed -i 's/Sh/Ṣ/g; s/sh/ṣ/g' *
```

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ irú àṣẹ yìí: `sed` ni irinṣẹ́ tí ń ṣe ìwápààrọ̀. `s` ni ó ní kí a fi ohun kan rọ́pò òmíràn. Ohun tí a ń wá wà láàárín àmì ìdábùú kìíní àti ìkejì, ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. `g` ní kí ó ṣe é fún gbogbo èyí tí ó bá wà nínú ìlà, kì í ṣe èyí àkọ́kọ́ nìkan. `-i` ní kí ó ṣe é sínú fáìlì náà gan-an, kí ó má kàn fi hàn wá lójú lásán. Àmì `*` tí ó wà ní ìparí ni ó ní kí ó mú gbogbo fáìlì tí ó wà nínú àpò náà. Àmì kékeré yìí ni ó kọ́kọ́ fa wàhálà.

3. Òfin tí ó tọ̀nà ní àyè rẹ̀

Kí a tó dá akẹ́kọ̀ọ́ yìí lẹ́bi, ó yẹ kí a gbọ́ àwíjàre rẹ̀, nítorí pé onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni òun náà, àwíjàre rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, èsì rẹ̀ ni pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ̀yin náà ni ẹ kọ́ wa pé kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀ léra wọn nínú sílébù Yorùbá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí `s` àti `h` ti lè tẹ̀ léra tí kò níí jẹ́ pé ṣ ni a ní lọ́kàn. Ìwápààrọ̀ mi kò lè ṣìnà."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Sílébù Yorùbá kò ju fáwẹ̀lì nìkan, kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, tàbí kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù lọ. "Gb" tí ojú rí bí lẹ́tà méjì, ìró kan ṣoṣo ni. Bí a bá fún un ní ìwé tí ó jẹ́ kìkì Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí a sì fi sípẹ́lì àtijọ́ kọ ọ́, ìwápààrọ̀ rẹ̀ kò níí ba ọ̀rọ̀ kan jẹ́. Ṣùgbọ́n òfin èdè Yorùbá, inú èdè Yorùbá ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Fáìlì kì í ṣe èdè. Nínú fáìlì kan ṣoṣo yìí, Yorùbá wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, orúkọ Haúsá kan wà níbẹ̀, lẹ́tà tí kì í ṣe ti èdè kankan sì wà níbẹ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń dá nǹkan mọ̀. `oshodi` tí ó wà ní òpó kìíní kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́. Ó dà bí nọ́ńbà ara ọkọ̀: bí a bá "tún un ṣe" kí ó lè dùn ún kà, a ti sọ ọkọ̀ náà nù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí gẹ́gẹ́ bí àfihàn ìyàtọ̀ ti gbé e jáde. Ìlà tí ó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni ti tẹ́lẹ̀, èyí tí ó ní àmì àròpọ̀ ni tuntun:

```
-oshodi,Oshodi,Oshodi
+oṣodi,Oṣodi,Oṣodi
-isheri-osun,Isheri Osun,Isheri Osun
+iṣeri-osun,Iṣeri Osun,Iṣeri Osun
-shagari,Shagari Estate,Ẹ́sítéètì Shagari
+ṣagari,Ṣagari Estate,Ẹ́sítéètì Ṣagari
```

Òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó yí padà nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀kan ni a fẹ́. Ti òpó kejì dun èmi ju ti òpó kìíní lọ, nítorí iṣẹ́ òpó kejì ni láti jẹ́ ẹ̀rí: ohun tí ó wà ní ojú pátákó ni a kọ síbẹ̀, yálà ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Lẹ́yìn ìwápààrọ̀ yìí, fáìlì náà ń sọ fún wa pé pátákó kan wà tí a kọ "Ṣagari Estate" sí. Bí olùwádìí kan bá lò ó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá láti fi ṣe ìwádìí lórí sípẹ́lì orúkọ ní gbangba, irọ́ ni yóò kà.

Nítorí àmì `*` náà, ìwápààrọ̀ yìí kò dúró lórí orúkọ ibùdókọ̀. Fáìlì méjì mìíràn wà nínú àpò yẹn. Ọ̀kan ni `ka.sh`, àkójọ àṣẹ kékeré tí ń ka iye ibùdókọ̀. Ìlà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni `#!/bin/sh`, èyí tí ń sọ fún kọ̀ǹpútà irinṣẹ́ tí yóò fi ka ìyókù. Ó di `#!/bin/ṣ`. Kò sí irinṣẹ́ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé, nítorí náà àkójọ àṣẹ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èkejì ni `README`, tí a fi ṣàlàyé bí a ti ń lo iṣẹ́ náà. Níbi tí ó ti ní kí òǹkàwé tẹ `./ka.sh`, ó ń sọ nísinsìnyí pé kí ó tẹ `./ka.ṣ`.

4. Ìdí tí òǹkọ̀wé kò fi rí àṣìṣe rẹ̀

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ síhìn-ín, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí kì í ṣe aláìbìkítà. Ó dán iṣẹ́ rẹ̀ wò kí ó tó fi ránṣẹ́. Ìyànà Ìpájà ni ó ń gbé, ìrìn tí ó mọ̀ ni ó sì fi dán an wò: ó béèrè owó ọkọ̀ láti Ìyànà Ìpájà sí Máńgòrò. Èsì jáde, ó sì tọ̀nà. Ó béèrè ti àbọ̀ náà, láti Máńgòrò sí Ìyànà Ìpájà, ìyẹn náà jáde. Ó wo orúkọ Yorùbá méjèèjì, àmì ohùn wọn pé. Ó gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Kò sí "sh" nínú `iyana-ipaja`. Kò sí nínú `mangoro` pẹ̀lú. Ìwápààrọ̀ náà kò fọwọ́ kan àwọn ìlà méjì tí ó yàn láti fi dán iṣẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ pé Ṣàṣà ni ó ń gbé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ì bá tú àṣírí náà, nítorí `shasha` ti di `ṣaṣa`, fáìlì owó ọkọ̀ kò sì mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tí ó bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kò pariwo. Nígbà tí orúkọ ìdánimọ̀ inú fáìlì kan kò bá bá ti èkejì mu, kì í ṣe pé ẹ̀rọ yóò sọ pé nǹkan bàjẹ́. Yóò kàn sọ pé kò sí owó ọkọ̀ fún ìrìn náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń sọ fún ibi tí ọkọ̀ kì í lọ. Ẹni tí ó béèrè ti Òṣòdì yóò rò pé a kò tíì kọ owó rẹ̀ sílẹ̀ ni. `ka.sh` nìkan ni ì bá kígbe, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni a ń lò ó.

Ẹ̀kọ́ tí alágbèéyẹ̀wò gbọ́dọ̀ mú níbẹ̀ ni pé a kì í fi ìlà tí òǹkọ̀wé mọ̀ jù dán ìwápààrọ̀ wò. Ìlà tí ìwápààrọ̀ fọwọ́ kàn ni a ń dán wò, gbogbo rẹ̀, bí iye wọn bá ṣeé kà.

5. Àkíyèsí tí mo kọ́kọ́ kọ, àti èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀

Mo ní láti jẹ́wọ́ pé àkíyèsí àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ náà kò wúlò. Mo kọ ọ́ pé: "Èyí gbòòrò jù." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tí ó kà á rí kò ju ìbáwí lọ. Kò mọ apá ibi tí ó ti gbòòrò, kò mọ ohun tí ó bàjẹ́, kò sì mọ ibi tí yóò pààlà rẹ̀ dé. Àwíjàre nípa sílébù tí a mẹ́nu bà lókè yìí ni ó fi dá mi lóhùn, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀, torí pé n kò fi ẹ̀rí kankan síwájú rẹ̀.

Mo pa á rẹ́, mo sì kọ òmíràn:

"Òfin rẹ nípa `s` àti `h` tọ̀nà fún Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ìwápààrọ̀ yìí fọwọ́ kàn. Wo ìlà kejì `ibudo.csv`: `oshodi` òpó kìíní ti di `oṣodi`, fáìlì owó ọkọ̀ kò sì ní orúkọ náà. Béèrè owó ọkọ̀ láti Òṣòdì sí Ìyànà Ìpájà, ìwọ náà yóò rí i. Nínú `ka.sh`, ìlà kìíní ti di `#!/bin/ṣ`. Jọ̀wọ́, dá `ka.sh` àti `README` padà sí bí wọ́n ti wà, kí o sì jẹ́ kí ìwápààrọ̀ náà mọ sí òpó kẹta `ibudo.csv`. Fi ìlà Shagari sílẹ̀ ná, a ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí o bá fi ránṣẹ́ padà, kọ iye ìlà tí ó yí padà. Mo retí mẹ́rin."

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó gba ohun tí ó tọ́ nínú ìrònú òǹkọ̀wé kí ó tó sọ èyí tí kò tọ́, kì í ṣe nítorí ìwà pẹ̀lẹ́ nìkan, bí kò ṣe pé òǹkọ̀wé ní láti mọ pé òfin rẹ̀ kọ́ ni a ń bá jà, ibi tí ó ti lò ó ni. Ó tọ́ka sí ìlà kan pàtó, ó sì sọ ìbéèrè tí òǹkọ̀wé lè béèrè fúnra rẹ̀ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ìbàjẹ́ náà. Ó sọ ibi tí ààlà tuntun yóò wà. Ó sì sọ iye tí alágbèéyẹ̀wò ń retí, kí ó tó rí àbájáde. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí pàtàkì jù. Bí mo bá ní mo retí mẹ́rin, tí márùn-ún sì dé, ọ̀kan nínú àwa méjèèjì kò mọ ohun tí ó wà nínú fáìlì náà, a sì gbọ́dọ̀ wádìí ẹni tí í ṣe.

Àṣẹ tí ó fi ránṣẹ́ padà nìyí. Irinṣẹ́ tí ó lò, `awk`, mọ òpó yàtọ̀ sí òpó, èyí tí `sed` kò mọ̀:

```
awk -F, -v OFS=, 'NR>1 && $1!="shagari" {
  gsub(/Sh/,"Ṣ",$3); gsub(/sh/,"ṣ",$3)
} 1' ibudo.csv > titun.csv
```

`$3` ni òpó kẹta. `NR>1` ní kí ó fo ìlà àkọlé. Ìlà Òṣòdì di `oshodi,Oshodi,Oṣodi`. Ìlà mẹ́rin ni ó yí padà, bí a ti retí. Lẹ́yìn tí ó ti fi `titun.csv` rọ́pò fáìlì àtijọ́, mo yọ òpó kìíní àti ìkejì ti tẹ́lẹ̀ jáde, mo yọ ti ìsinsìnyí jáde, mo sì fi wọ́n wé ara wọn:

```
git show HEAD:ibudo.csv | cut -d, -f1,2 > tele
cut -d, -f1,2 ibudo.csv > isisiyi
diff tele isisiyi
```

`diff` kò sọ nǹkan kan. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ìdákẹ́jẹ́ `diff` ni ẹ̀rí pé ohun tí a kò fẹ́ kí ó yí padà kò yí padà.

6. Odi ọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀nà tí a fi ń pààlà sí ìwápààrọ̀ ni kí a ní kí kọ̀ǹpútà mú odindi ọ̀rọ̀ nìkan. Ó wúlò nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àmì ohùn sí "aja" nínú ìwé tí kò ní àmì, tí ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo `aja` di `ajá`, yóò sọ `Ipaja` di `Ipajá`, nítorí `aja` wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń sọ ìwé àtijọ́ di àkọtọ́ 1974 náà mọ irú rẹ̀. Wọn a ní kí `aiye` di `ayé`, kí `Aiye` sì di `Ayé`, níbi gbogbo. `Aiyetoro` yóò di `Ayétoro`, ó sì sún mọ́ ohun tí a fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé orí `ede-aiyede`, tí í ṣe èdè-àìyedè, yóò sọ ọ́ di `ede-ayéde`. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí ara rẹ̀. Ní òkè òkun, ilé iṣẹ́ Yahoo rí irú èyí ní nǹkan bí 2001 sí 2002: wọ́n ní kí ẹ̀rọ lẹ́tà wọn sọ `eval`, tí í ṣe àṣẹ tí ó lè ṣe olólùfẹ́ ibi láǹfààní, di `review`, kí lẹ́tà má baà gbé kóòdù búburú wọlé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń pe sáà láàárín ìgbà ìwáṣẹ̀ àti ìgbà òde òní nílẹ̀ Yúróòpù, `medieval`, wá di `medireview` nínú lẹ́tà àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ tuntun yìí sì tàn káàkiri ojú ìwé orí ẹ̀rọ.

Àmì tí a máa ń fi sọ pé "odindi ọ̀rọ̀ ni kí o mú" ni `\b`. A ó pè é ní "odi ọ̀rọ̀". Ṣùgbọ́n ẹni tí ń bá Yorùbá lò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un. Nínú èdè kóòdù `JavaScript`, ohun tí `\b` kà sí lẹ́tà ọ̀rọ̀ kò ju `A` dé `Z`, ti ńlá àti ti kékeré, nọ́ńbà, àti ìlà ìsàlẹ̀ lọ. Kò ka à, á, ì, ọ, ẹ tàbí ṣ sí lẹ́tà. Nínú "Ìpájà", ó rí `p` tí ó dá dúró láàárín ohun méjì tí kì í ṣe lẹ́tà, ó sì gbà pé odindi ọ̀rọ̀ ni `p` yẹn. Nítorí náà, odi tí a rò pé ó yí ọ̀rọ̀ ká ń la àárín ọ̀rọ̀ kọjá. Bí alágbèéyẹ̀wò bá sọ fún òǹkọ̀wé pé kí ó fi `\b` kún ìwápààrọ̀ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè irinṣẹ́ wo ni yóò ka `\b` náà.

Nínú ọ̀ràn tiwa, odi ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́. `sh` kì í ṣe odindi ọ̀rọ̀ nínú Shasha tàbí Oshodi. Òpó ni a fi pààlà, kì í ṣe odi.

7. Ìṣẹ̀rì Ọ̀ṣun àti Shagari

Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo tún ka ìlà mẹ́rin náà. Ìlà Ìṣẹ̀rì Ọ̀ṣun ni ó dá mi dúró. Ó ti di `Iṣeri Osun`. Lórí pátákó náà, ẹni tí ó kọ ọ́ fi "sh" kọ ṣ tí ó wà nínú orúkọ àkọ́kọ́, ó sì fi "s" lásán kọ ṣ tí ó wà nínú èkejì. Ìwápààrọ̀ wa rí ọ̀kan, kò rí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè ní kí gbogbo `s` di `ṣ`, nítorí Ìyànà Ìsọlọ̀ wà ní Èkó bákan náà, s gidi sì ni tirẹ̀. Ìwápààrọ̀ tí a ti ń sọ láti òwúrọ̀ pé ó gbòòrò jù, ó há jù pẹ̀lú. Mo wá rí i pé àwọn mẹ́ta yòókù kò tíì pé: `Oṣodi` kì í ṣe ohun tí ó wà ní ojú pátákó, kì í sì í ṣe Òṣòdì. Ó wà láàárín méjì.

Mo kọ àkíyèsí kejì pé: "Ìlà mẹ́rin péré ni. Pa ìwápààrọ̀ náà tì, kí o fi ọwọ́ kọ wọ́n." Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn, nítorí ó ti ṣe làálàá lórí `awk`. Ó ní, "Sà, bí ó bá di irinwó ńkọ́?" Mo dá a lóhùn pé bí ó bá di irinwó, kí ó ṣe àtẹ orúkọ, òpó kan fún orúkọ ìdánimọ̀, òpó kejì fún orúkọ Yorùbá tí ènìyàn ti kà tí ó sì fọwọ́ sí, kí kọ̀ǹpútà máa mú odindi orúkọ láti inú àtẹ náà. Èyí tí kò bá sí nínú àtẹ, kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ jáde fún wa. Irú ìwápààrọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́ra, ṣùgbọ́n kò lè pààrọ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà. Ó kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú: Òṣòdì, Ṣógúnlé, Ṣàṣà, Ìṣẹ̀rì Ọ̀ṣun.

Ó ku Shagari. Àdúgbò náà wà ní Ìpájà, orúkọ Shehu Shagari tí ó jẹ́ ààrẹ Nàìjíríà láti 1979 títí di òpin 1983 ni a fi sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́ kí ó di Ṣàgàrí, nítorí bí gbogbo èrò ọkọ̀ ti ń pè é nìyẹn, ó sì ní a ti sọ Ẹ́sítéètì di ti Yorùbá níwájú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé orúkọ ènìyàn ni, ẹni tí ó ni ín sì mọ bí òun ti ń kọ ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ní àgbà lẹ́yìn nínú ìmọ̀ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, a sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà kí ẹlòmíràn má baà tún fi ìwápààrọ̀ gbá a lọ.